Ẹ bá mi to kàlẹ́ńdà pósìtì oṣù Nòfẹ́ńbà fún ṣọ́ọ̀bù àdìrẹ mi

Àṣàkẹ́ Ìtòkú
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Àdìrẹ ni mo ń tà ní Ìtòkú níbí l'Abẹ́òkúta, aṣọ yáàdì àti bùbù tí wọ́n ti rán sílẹ̀. Tó bá ti wù mí mo lè gbé àwòrán méje sórí Wásáàpù lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kí ọ̀sẹ̀ méjì wá kọjá kí n má gbé nǹkan kan. Mo fẹ́ to kàlẹ́ńdà fún Nòfẹ́ńbà 2025 yìí kí n mọ ọjọ́ tí màá máa gbé nǹkan sórí lọ́sẹ̀ àti ohun tó máa jẹ́. Èmi nìkan ni mo wà ní ṣọ́ọ̀bù o, mi ò ní ọmọọṣẹ́. Báwo lẹ ṣe ń ṣe tiyín?

Bàbá Ṣómólú
Ọmọ mi, àsìkò tó dáa lo dé. Ní Ṣómólú níbí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ kàlẹ́ńdà ọdún tó ń bọ̀, tó bá ti di Disẹ́ńbà gbogbo èèyàn á rọ́ dé, á wá di pé kéèyàn dúró lórí ìlà. Kàlẹ́ńdà ojú kan tó tóbi ni mo máa gbà ọ́ níyànjú, kì í ṣe olójú mẹ́fà, torí àdìrẹ rẹ gbọ́dọ̀ hàn lára ògiri láti òkèèrè. Mú àwòrán tó mọ́lẹ̀ dáadáa wá, èyí tí wọ́n fi Wásáàpù ránṣẹ́ kì í dáa nínú ìwé, ó máa ń rí ràkọ̀ràkọ̀.

Àṣàkẹ́ Ìtòkú
Ẹ ṣeun bàbá, ẹ má bínú, kì í ṣe ti ara ògiri ni mò ń wí. Ètò ohun tí mo máa gbé sórí Wásáàpù àti Ínsítágíráàmù ni. Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ ti àwòrán yẹn, tí mo bá fẹ́ tẹ ti ògiri màá kàn sí yín.

Sẹ́gun Dátà
Sista, ojoojúmọ́ ni o. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́. Ohun téèyàn bá gbé sórí sítétọ́ọ̀sì Wásáàpù, wákàtí mẹ́rìnlélógún péré ló ń lò tó fi ń pa rẹ́, tí o kò bá sí níbẹ̀ lónìí, ẹlòmíì wà níbẹ̀. Bí mo ṣe ń ta àpò fóònù àti ṣájà nìyẹn, mi ò kí ń to kàlẹ́ńdà kankan, ohun tó bá wà lọ́wọ́ mi ni mo ń yà.

Ọmọ Kémta
Àṣàkẹ́, àbúrò mi, má tíì bẹ̀rẹ̀ láti ibi ohun tó o fẹ́ gbé sórí. Bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí kọ́sítọ́mà fẹ́ wọ aṣọ, kó o wá máa kà á padà sẹ́yìn. Ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń bá màmá mi ṣe ti ṣọ́ọ̀bù wa, ibi tá a ti kọ́kọ́ kọsẹ̀ gan-an nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ kìíní Disẹ́ńbà la bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo aṣọ ẹbí, àwọn èèyàn sì dáhùn, ẹgbẹ́ kan tiẹ̀ wà tí wọ́n fẹ́ aṣọ èèyàn mẹ́rìnlélógún, wọ́n san àsansílẹ̀, ìgbà tí aláró wa fi máa rẹ ẹ́ tán kò sí télọ̀ tó fẹ́ gbà á lọ́wọ́ wọn mọ́. A dá owó wọn padà. Pósìtì yẹn ò burú, àwòrán rẹ̀ dùn ún wò, ọjọ́ tá a gbé e sórí ni ò dáa.

Ó yá, ká jọ kà á. Ká ní ayẹyẹ wọn bọ́ sí Sátidé 20 Disẹ́ńbà. Télọ̀ máa fẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìyẹn ni pé aṣọ gbọ́dọ̀ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Sátidé 29 Nòfẹ́ńbà. Aláró tiwa máa ń gba ọjọ́ mẹ́wàá fún aṣọ tó bá pọ̀, torí kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ló ń rì í bọ inú aró, á rì í, á sá a, á tún rì í títí á fi dúdú bó ṣe yẹ. Fi ọjọ́ mẹ́rin kún un nítorí òjò àti nítorí ẹni tó máa ní òun á san owó lọ́la tí ò ní san. Ọjọ́ mẹ́rìnlá nìyẹn, o ti padà dé Sátidé 15 Nòfẹ́ńbà. Ọjọ́ yẹn ni ọ́dà aṣọ ẹbí gbọ́dọ̀ parí. Nítorí náà gbogbo ohun tó o bá fẹ́ sọ nípa aṣọ ẹbí, kó o ti sọ ọ́ tán kí ọjọ́ yẹn tó dé. Lẹ́yìn ẹ̀, má pariwo ẹ̀ mọ́ rárá, ohun tó ti wà ní ṣọ́ọ̀bù ni kó o máa tà.

Tó o bá ti mọ ìyẹn, kókó oṣù rẹ ti jáde fúnra ẹ̀, o ò ní jókòó máa ronú ohun tó o fẹ́ kọ. Ìdajì oṣù àkọ́kọ́, aṣọ ẹbí. Ìdajì kejì, bùbù tó ti wà nílẹ̀, pàápàá láti ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n lọ tí owó oṣù àwọn èèyàn ti ń wọlé.

Àṣàkẹ́ Ìtòkú
Háà. Àǹtí, mi ò rò ó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Ọ̀sẹ̀ kejì Disẹ́ńbà ni mo fi sọ́kàn pé màá bẹ̀rẹ̀ aṣọ ẹbí. Àwọn ọjọ́ ọ̀sẹ̀ wá ńkọ́, ṣé ojoojúmọ́ bí Bọ̀ọ̀dá Sẹ́gun ṣe wí? Kí n má purọ́, mi ò lè ṣe é.

Ọmọ Kémta
Ọjọ́ mẹ́ta. O ò lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìwọ nìkan, tó o bá sì dá a lé pé ojoojúmọ́ ni, ọ̀sẹ̀ kejì lo máa ti fi sílẹ̀, wàá wá padà sí méje lọ́jọ́ kan òfo lọ́sẹ̀ méjì tó o wí yẹn.

Sẹ́gun ò ṣìnà pátápátá o. Sítétọ́ọ̀sì ń pa rẹ́ lóòótọ́, ẹni tí ò bá ṣí fóònù lónìí kò ní rí i mọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tuntun lo máa wá ní ojoojúmọ́, èyí tó o gbé sórí ní Túsìdé náà lo máa tún gbé ní Wẹ́sìdé láàárọ̀ fún àwọn tí ò rí i. Pósìtì kan, ọjọ́ méjì. Ti Ínsítágíráàmù ò sì ń pa rẹ́ ní tiẹ̀, ó wà lójú ewé rẹ níbẹ̀ fún ẹni tó bá wá yẹ̀ ọ́ wò lóṣù mẹ́ta òní, nítorí náà má kó ìdọ̀tí síbẹ̀.

Àwọn ọjọ́ mi rèé, pẹ̀lú ìdí tí mo fi mú wọn. Túsìdé, aago méje alẹ́, ọjà. Ohun tó wà nílẹ̀, yáàdì ẹ̀, bó ṣe gùn tó, àwọ̀ ẹ̀. Mo mú Túsìdé torí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń wọ aṣọ ìbílẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní Fúráìdé, tí wọ́n bá rí bùbù lálẹ́ Túsìdé wọ́n á sanwó ní Wẹ́sìdé, ọlọ́kadà á gbé e lọ ní Tọ́sìdé. Tó o bá gbé e sórí ní Tọ́sìdé, Fúráìdé ti kọjá lórí wọn, wọ́n á ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yẹn kì í sì dé.

Tọ́sìdé, orúkọ aṣọ. Iṣẹ́ kan ṣoṣo lọ́sẹ̀, orúkọ ẹ̀ àti ohun tó wà lára ẹ̀. Màá padà sórí èyí.

Sọ́ńdè, aago mẹ́jọ alẹ́, àwọn tó wọ̀ ọ́. Mo kọ́kọ́ fi sí Sátidé, mo wá rí i pé asán ni, torí Sátidé gan-an ni àwọn èèyàn wà lóde àríyá, alẹ́ Sọ́ńdè ni wọ́n ń fi fótò wọn ránṣẹ́. Kó o tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn kó o tó gbé ojú wọn síta, bí wọ́n bá ní rárá, gé orí kúrò, fi aṣọ hàn.

Màmá Ẹlúbọ́ Bódìjà
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹlúbọ́ àti gàrí lèmi ń tà ní Ìbàdàn. Ọmọ mi ló ń bá mi gbé e sórí Wásáàpù. Mo ti ń kọ àwọn ọjọ́ yín sílẹ̀ báyìí, Túsìdé, Tọ́sìdé, Sọ́ńdè. Ìṣòro tèmi ni pé láti ìgbà òjò ni ẹlúbọ́ kì í gbẹ dáadáa, tí mo bá sọ fún àwọn èèyàn pé ẹlúbọ́ tuntun dé, wọ́n á rà á, wọ́n á ní àmàlà ẹ̀ ń dà bí ọ̀gì. Ṣé ọjọ́ Sọ́ńdè yẹn náà ni kí n máa fi àmàlà hàn?

Ọmọ Kémta
Màmá, ẹ kú ọjà. Ẹ má lo ọjọ́ tèmi o. Aṣọ ni tèmi, ọjọ́ tí wọ́n máa wọ̀ ọ́ ló yan ọjọ́ fún mi. Tiyín, ọjọ́ tí wọ́n ń ra nǹkan sílé ló máa yàn án. Ọjọ́ wo ni wọ́n máa ń pè yín jù?

Màmá Ẹlúbọ́ Bódìjà
Fúráìdé alẹ́ àti Sátidé láàárọ̀ kùtùkùtù. Wọ́n ń fẹ́ ra nǹkan ọ̀sẹ̀.

Ọmọ Kémta
A jẹ́ pé Tọ́sìdé alẹ́ lẹ gbọ́dọ̀ ti sọ̀rọ̀, kí wọ́n tó kọ ohun tí wọ́n fẹ́ rà. Sọ́ńdè ò wúlò fún yín, ilé ti kún. Ti ẹlúbọ́ tí kò gbẹ yẹn, kàlẹ́ńdà ò lè ràn yín lọ́wọ́ lórí ẹ̀ màmá, ẹ má polówó ẹ̀ títí yóò fi gbẹ. Ẹ polówó gàrí láàárín ìgbà yẹn.

Sẹ́gun Dátà
Ó ye mi, ti títún un gbé lọ́jọ́ kejì yẹn, mi ò ṣe é bẹ́ẹ̀ rí, ohun tuntun ni mo máa ń wá ṣá tó ń rẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ẹ ò dárúkọ iye owó. Kí Túsìdé yẹn ní iye owó nínú! Ẹni tó bá ní kí n wá béèrè nínú ínbókísì, mo máa ń fo tiẹ̀ ni.

Àṣàkẹ́ Ìtòkú
Bọ̀ọ̀dá Sẹ́gun, ẹ ò mọ Ìtòkú. Ṣọ́ọ̀bù wa fara kan ara wọn, tí mo bá kọ iye sí i báyìí, kó tó di alẹ́ aládùúgbò mi á ti gbé irú aṣọ yẹn sórí tiẹ̀, á yọ igba náírà kúrò.

Ọmọ Kémta
Màmá mi ò fẹ́ iye owó níta, èmi fẹ́ ẹ. Ọdún mẹ́rin, a ò tíì gbà fún ara wa. Ohun tí mo rí ni pé tí iye bá wà níbẹ̀, ìbéèrè dín kù ṣùgbọ́n àwọn tó béèrè ló ń rà. Tí kò bá sí, mo máa ń dá ogún èèyàn lóhùn "èló ni" tí mẹ́rìndínlógún nínú wọn á sì dákẹ́. Fún aṣọ ẹbí, mo gbà pé kó máà sí, torí iye máa ń yí padà bí èèyàn bá ṣe pọ̀ tó. Àṣàkẹ́, o lè dán méjèèjì wò.

Àṣàkẹ́ Ìtòkú
Màá dán an wò. Àǹtí, ẹ ní ẹ máa padà sórí ti Tọ́sìdé. Kí ni mo fẹ́ sọ nípa orúkọ aṣọ tó máa mú èèyàn ra aṣọ?

Ọmọ Kémta
Tọ́sìdé kì í ta ọjà lọ́jọ́ yẹn gan-an, má retí ẹ̀. Ohun tó ń ṣe ni pé àwọn èèyàn á mọ̀ ọ́n lórúkọ, wọ́n á wá béèrè ẹ̀ lórúkọ lọ́sẹ̀ méjì lẹ́yìn ẹ̀.

Mú Ìbàdàndùn bí àpẹẹrẹ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń wọ̀ ọ́ ò mọ̀ pé ilé ńlá Mápó ló wà lára ẹ̀. Wo àwọn òpó tó tò lọ yẹn, òpó gbọ̀ngàn Mápó n'Ìbàdàn ni, èyí tí wọ́n ṣí ní 1929. Láàárín òpó kan sí èkejì, síbí ni wọ́n yà síbẹ̀. Ya àwòrán gbogbo aṣọ náà ní ọ̀kan, kó o wá sún mọ́ ibi òpó àti síbí yẹn débi pé nǹkan míì ò ní hàn. Àwòrán méjì péré. Kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta sábẹ́ ẹ̀, kó o béèrè pé "ta ló ti dé Mápó rí?" Ìyẹn tó. Àwọn ará Ìbàdàn nìkan á ti kún inú ìdáhùn yẹn, wọ́n á máa fi ránṣẹ́ síra wọn.

Ọ̀sẹ̀ kejì, mú Olóba. Aṣọ ìrántí ọdún márùndínlọ́gbọ̀n tí ọba Gẹ̀ẹ́sì Jọ́ọ̀jì Karùn-ún lò lórí oyè ni, 1935 ni wọ́n ṣe àjọyọ̀ ẹ̀, orí ọba àti ayaba ni wọ́n yà sáàárín. Ọ̀sẹ̀ kẹta, Ọlọ́kun. Ọ̀sẹ̀ kẹrin, má mú orúkọ aṣọ, bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́ ni kó o fi hàn, torí ìgbà yẹn ni àwọn tó ra aṣọ níbẹ̀rẹ̀ oṣù máa fẹ́ fọ̀ ọ́. Omi tútù, iyọ̀, kó o fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀, kó o sá a síbi òjìji. Fi ọwọ́ ara ẹ fọ̀ ọ́ nínú fídíò, jẹ́ kí wọ́n rí omi tó ń di búlúù, kó o sọ fún wọn pé bó ṣe máa ń rí ní fífọ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn. Ìgbà tí mo gbé irú fídíò yẹn sórí ni àwọn tó ń pè mí pé "aṣọ yín ń ṣí" dín kù.

Ohun kan ni kó o ṣọ́ra fún. Tó bá jẹ́ pé àbẹ́là àti aró kẹ́míkà ni wọ́n fi ṣe é, Kàmpálà ni, má pè é ní ẹlẹ́kọ. Ẹlẹ́kọ, ẹ̀kọ làfún ni wọ́n fi ìyẹ́ adìyẹ yà sí i. Àwọn àgbà tó mọ̀ ọ́n ń wò ọ́ níbẹ̀, tí wọ́n bá já ọ lẹ́ẹ̀kan, Tọ́sìdé rẹ ti bà jẹ́ nìyẹn.

Wàsíù Télọ̀ Ìbarà
Ẹ kú ìjíròrò. Mo ń ka gbogbo ẹ̀ bọ̀ látòkè, ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n dáa, ṣùgbọ́n ibì kan wà tí kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ẹ kà fún télọ̀ yẹn, oṣù Júnì ni, kì í ṣe Disẹ́ńbà. Sátidé 22 Nòfẹ́ńbà ni èmi ń ti ìwé mi pa fún aṣọ ọdún. Tí aṣọ bá dé ní 29, tó bá jẹ́ ẹyọ kan mo lè fún un mọ́ ọ̀kan, ṣùgbọ́n aṣọ ẹbí èèyàn ogún, bẹ́ẹ̀ kọ́, màá dá a padà ni. Ọ̀pọ̀ télọ̀ tí mo mọ̀ ní Abẹ́òkúta níbí bákan náà.

Ọmọ Kémta
Wàsíù o ṣeun gan-an. Ohun tí mi ò mọ̀ nìyẹn, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni télọ̀ màmá mi máa ń sọ fún wa, bóyá torí pé ó mọ̀ wá ni. Àṣàkẹ́, á jẹ́ pé gbogbo ẹ̀ máa sún sẹ́yìn ní ọ̀sẹ̀ kan. 22 Nòfẹ́ńbà, yọ ọjọ́ mẹ́rìnlá kúrò, Sátidé 8 Nòfẹ́ńbà ni ọ́dà máa parí. Lónìí jẹ́ Fúráìdé 24 Ọkitóbà. O ò lè dúró de Nòfẹ́ńbà mọ́, Sọ́ńdè ọ̀tunla yìí ni kàlẹ́ńdà rẹ bẹ̀rẹ̀.

Àṣàkẹ́ Ìtòkú
Ọ̀tunla! Mi ò ní àwòrán kankan tó dáa.

Ọmọ Kémta
Má bẹ̀rù. Fún ti Sọ́ńdè, wá fótò kọ́sítọ́mà tó ti wọ aṣọ rẹ rí, tí wọ́n pọ̀ nínú àwòrán kan, ìyẹn ló máa jẹ́ kí àwọn èèyàn ronú aṣọ ẹbí. Pè wọ́n lónìí, tọrọ àyè.

Mọ́ńdè láàárọ̀ ni kó o ya gbogbo yòókù, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Wákàtí méjì tó. Má yà á nínú ṣọ́ọ̀bù o. Gílóòbù tó pupa ràkọ̀ yẹn máa sọ aró búlúù di dúdú, kọ́sítọ́mà á gbà á tán á ní èyí kọ́ ni òun rí. Gbé e síta láàárín aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá, síbi òjìji, kí oòrùn má lù ú tààrà, tan aṣọ náà sórí nǹkan funfun. Tó o bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó dáa, gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ kó o wo méjèèjì pọ̀. Tí àwọ̀ ò bá jọra, yà á míì.

Kó o sì ra ìwé kan, oníkíláàsì yẹn náà. Mi ò ní kó o má lo Google Sheets, ṣùgbọ́n ìwé kì í kú nígbà tí iná bá lọ. Kọ ọjọ́ síbẹ̀, kọ pósìtì síbẹ̀, fi àlàfo sílẹ̀ níwájú ẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá béèrè ọjà, béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ pé níbo ló ti rí i, kó o fa ìlà kan níwájú pósìtì yẹn. Tó bá sanwó, yí ìlà yẹn po. Má ka iye àwọn tó wò ó, àwọn tó ń wò pọ̀ o. Tó bá di ìparí oṣù, o ti mọ ọjọ́ tó ń ṣiṣẹ́ àti èyí tí kò ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n má pa ọjọ́ kankan rẹ́ kó tó pé oṣù méjì, torí ti Tọ́sìdé máa kọ́kọ́ dà bíi pé kò mú nǹkan wá.

Sẹ́gun Dátà
Fún Ínsítágíráàmù àti Fesibúùkù ẹ lè tò ó sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nínú Meta Business Suite o, ibi tí wọ́n kọ `Planner` sí, ẹ mú ọjọ́ àti aago, á gbé ara ẹ̀ sórí. Ìyẹn máa gbà yín lọ́wọ́ ọjọ́ tí ọjà bá pọ̀. Sítétọ́ọ̀sì Wásáàpù ni ẹ máa fọwọ́ gbé fúnra yín, ẹ fi áláàmù sí i.

Ẹ ṣe bíródikáàsìtì náà fún aṣọ ẹbí, á dé ọ̀dọ̀ gbogbo èèyàn lẹ́ẹ̀kan.

Ọmọ Kémta
Kì í dé ọ̀dọ̀ gbogbo èèyàn o. Ẹni tó bá ti fi nọ́ńbà rẹ pamọ́ sínú fóònù ẹ̀ nìkan ló ń dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, àkójọ bíródikáàsìtì kan kò sì lè ju èèyàn 256 lọ. Nítorí náà kọ́sítọ́mà tó bá wá sí ṣọ́ọ̀bù, sọ fún un kó fi nọ́ńbà ẹ pamọ́ kó tó kúrò níwájú ẹ. Kó o sì lò ó ní ẹ̀ẹ̀kan péré fún aṣọ ẹbí yìí, ní Tọ́sìdé 6, pé ó ku ọjọ́ méjì. Tó o bá lò ó ní gbogbo ìgbà wọ́n á dínà mọ́ nọ́ńbà ẹ.

Àṣàkẹ́ Ìtòkú
Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò.

Sọ́ńdè 26 Ọkitóbà, àwọn ẹgbẹ́ ìyá ọkọ mi tí wọ́n wọ Olóba lọ́dún tó kọjá, wọ́n ti gbà pé kí n gbé e. Túsìdé 28, àwòrán aṣọ mẹ́rin tí wọ́n lè yàn fún aṣọ ẹbí, yáàdì márùn-ún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Tọ́sìdé 30, Ìbàdàndùn pẹ̀lú ìbéèrè Mápó. Sọ́ńdè 2 Nòfẹ́ńbà, kọ́sítọ́mà míì. Túsìdé 4, aláró mi nídìí aró, fídíò ìṣẹ́jú kan, kí wọ́n rí ìdí tó fi ń gba ọjọ́ mẹ́wàá. Tọ́sìdé 6, Olóba, àti bíródikáàsìtì pé Sátidé 8 ni ìlẹ̀kùn ọ́dà máa tì. Mẹ́fà nìyẹn. Láti Sọ́ńdè 9 lọ, bùbù nìkan, Túsìdé 11 àti 18. Tọ́sìdé 13 Ọlọ́kun, Tọ́sìdé 20 bí wọ́n ṣe ń fọ aṣọ, Túsìdé 25 bùbù pẹ̀lú iye owó nítorí owó oṣù. Tọ́sìdé 27, mi ò tíì mọ̀. Àwọn Sọ́ńdè yòókù, kọ́sítọ́mà, ṣùgbọ́n márùn-ún ni Sọ́ńdè Nòfẹ́ńbà, mi ò ní fótò tó máa tó o.

Ọmọ Kémta
Ó dáa gan-an. Fi Tọ́sìdé 27 àti Sọ́ńdè 30 sílẹ̀ lófìfo. Nǹkan kan máa ṣẹlẹ̀ tí o kò retí, aṣọ kan á dé, kọ́sítọ́mà kan á fi fótò tó dùn ránṣẹ́, á níbi tó máa wọ̀ sí. Tí nǹkan ò bá sì ṣẹlẹ̀, tún èyí tó gba ìlà jù nínú ìwé rẹ gbé.

Màmá Ẹlúbọ́ Bódìjà
Èmi ò gbà pé kí ó fi sílẹ̀ lófìfo. Ìparí oṣù ni, owó wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn, kí ló dé tí á dákẹ́? Kó ta nǹkan.

Ọmọ Kémta
Ọ̀rọ̀ yín náà ní ìtumọ̀ màmá. Àṣàkẹ́, ìwọ ló mọ bí ọjà bá ṣe rí ní Ìtòkú lọ́jọ́ yẹn.

Àṣàkẹ́ Ìtòkú
Màá wò ó tó bá di 25. Ohun tí mo kọ fún ọ̀tunla rèé:

"Ẹgbẹ́ kan, aṣọ kan. Olóba ni wọ́n wọ̀ yìí, aláró Abẹ́òkúta ló rẹ ẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ayẹyẹ ní Disẹ́ńbà, Sátidé 8 Nòfẹ́ńbà là ń gba ọ́dà aṣọ ẹbí mọ, kí aṣọ lè dé ọwọ́ télọ̀ yín kó tó ti ìwé ẹ̀ pa. Èèyàn mélòó lẹ jẹ́? Ẹ kọ iye yín sí mi."

Wàsíù Télọ̀ Ìbarà
Ẹ fi kún un pé kí wọ́n lọ bá télọ̀ wọn sọ̀rọ̀ báyìí kó wọn ara wọn sílẹ̀, kí wọ́n má dúró kí aṣọ dé kí wọ́n tó wá mi. Àwọn tó ti wọn ara wọn ni mo máa ń gé tiwọn síwájú.

Àṣàkẹ́ Ìtòkú
Mo ti fi sí i. Mo ń pe ìyá ọkọ mi báyìí kí wọ́n bá mi wá àwòrán tó mọ́lẹ̀ jù, èyí tí mo ní, Wásáàpù ti jẹ ojú ẹ̀.